Ojú Mẹ́rin Lẹ́yìn Fóònù

Ọmọ mi obìnrin ra fóònù kan fún mi, ojú kámẹ́rà mẹ́rin ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó tà á fún un ní bí ojú bá ṣe pọ̀ tó ni àwòrán ṣe ń dára tó. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, àfi ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó.

Lọ́jọ́ ọdún Ifá nílé wa, àgbàlá kún fọ́fọ́. Ògiri wà lẹ́yìn mi, n ò ríbi sún sẹ́yìn sí, ojú ńlá fóònù yẹn ò sì gbà ju èèyàn mẹ́fà lọ. Mo tẹ 0.6x, gbogbo àwa tó jókòó wọ inú àwòrán. Iṣẹ́ gidi nìyẹn. Àmọ́ ojú àgbà tó wà létí nà gbọọrọ, ó bínú sí mi! Àárín ni kí ẹ máa fi àwọn àgbà sí. Nígbà tí ilẹ̀ sì ṣú, ojú yìí kan náà ya àwòrán tó dúdú, tó rí bí ẹni da iyanrìn sí i, torí kò gba ìmọ́lẹ̀ tó ti ojú ńlá.

Ti súùmù ló tàn mí. Mo tẹ 3x kí n lè ya àwọn tó ń bọ̀ láti odò lókèèrè, gbogbo rẹ̀ rí bàìbàì. Àbúrò mi kan tó ń ya fọ́tò ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó wà ní 3x, kí ẹ fi ìka bo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan." Ìgbà tí mo bo ojú ńlá nìkan ló ṣókùnkùn. Ojú tó ń fa ọ̀nà jíjìn kò sí níbẹ̀ rárá! Àárín àwòrán ni fóònù ń gé, ìdá kan nínú mẹ́sàn-án, tó wá ń fẹ̀ ẹ́. Lórí fóònù tirẹ̀, ojú mìíràn ló ṣókùnkùn, àwòrán rẹ̀ sì mọ́ kedere. Ìta gbangba lọ́sàn-án ni kí ẹ ti dán an wò, kí ẹ kọjú sí ohun tó jìnnà, torí bí ibẹ̀ bá ṣókùnkùn tàbí tí nǹkan bá sún mọ́ ọn, fóònù tó ní in gan-an lè padà sí ojú ńlá.

Ó ku méjì. Wọ́n ní ọ̀kan wà fún ohun tó bá sún mọ́ wa pẹ́kípẹ́kí. Mo fi ya etí ọpọ́n Ifá bàbá mi, àfi kí n gbé fóònù lé e lórí tán, òjìji fóònù sì bo iṣẹ́ ọnà náà. Mo padà sí ojú ńlá, mo sún sẹ́yìn díẹ̀, mo gé ibi tí mo fẹ́ lẹ́yìn náà: ó dára jù ú lọ fíìfíì. Ìkẹrin, mo fi bébà lẹ̀ ẹ́ pa, fóònù ṣì ń sọ ẹ̀yìn èèyàn di fúlẹ́fúlẹ́ bó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Mo mú páálí rẹ̀ lọ bá ẹni tó tà á. 50, 8, 2 àti 2 mẹ́gápísẹ́lì ló wà lára rẹ̀. Mo ní kó yọ owó 2 méjèèjì yẹn fún mi. Ó rẹ́rìn-ín títí, kò yọ kọ́bọ̀.