Dí-dáímà ìyá àgbà

Ẹ gbọ́ o. Ìyá àgbà ṣubú ní Ìfàkì, ẹsẹ̀ wọn wú. Èsì àyẹ̀wò dé: dí-dáímà 1,900, tó yẹ kó wà lábẹ́ 500. Ẹkún ti gbọ̀n mí. Mo rò pé ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú iṣan ẹsẹ̀ wọn nìyẹn.

Dókítà ṣàlàyé. Téèyàn bá fara pa, fọ́nrán fíbírìnì ló máa ń so ẹ̀jẹ̀ pọ̀ kó má baà máa dà. Lẹ́yìn náà, pílásímìnì á wá máa gé fọ́nrán yẹn. Èérún rẹ̀ ni dí-dáímà. Kì í sọ ibi tó ti wá: ojú ibi tí wọ́n fi gbálẹ̀ lè gbé e sókè, àgbà náà lè gbé e sókè.

Wọ́n ṣe síkáànù ẹsẹ̀. Kò sí ẹ̀jẹ̀ dídì kankan.

Ìyá àgbà ní, "Ṣebí mo sọ pé mo ṣubú ni?"