Ọ̀wọ̀ àti Ìsúnmọ́ni Nínú Ìwé Ìdúpẹ́ Kékeré Kan ní Èdè Jámánì

Àwọn àgbà wa ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Gbogbo wa ni a mọ òwe yìí. Ohun tí òwe náà kò sọ fún wa ni bí a ṣe ń dúpẹ́ nígbà tí olóore wa ń sọ èdè mìíràn, tí ọ̀rọ̀ tí àwa fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà sì lè di ọ̀rọ̀ tí yóò lé e jìnnà sí wa.

Ọmọ-ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ọdún 17, ń kọ́ èdè Jámánì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì níhìn-ín ní Àjàṣẹ́. Lọ́dún tó kọjá, ètò pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan mú un lọ sí ìlú kékeré kan ní àríwá Jámánì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tọkọtaya kan àti ọmọbìnrin wọn ni wọ́n gbà á sílé. Nígbà tó padà dé, ó kọ ìwé ìdúpẹ́ sí wọn, ó sì gbé e wá fún mi kí n bá òun wò ó, nítorí pé èmi náà kọ́ èdè yẹn ní yunifásítì kí n tó wọ iṣẹ́ ìjọba.

Kò sí àṣìṣe gírámà kankan nínú ìwé náà. Síbẹ̀, bí ó bá fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀, yóò dun àwọn ènìyàn náà. Ó fi “Sehr geehrte Familie” bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, èyí tí í ṣe ìkíni tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà sí ọ́fíìsì. Ó fi “Mit freundlichen Grüßen” parí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí báńkì ti ń ṣe nígbà tó bá ń kọ̀wé sí oníbàárà rẹ̀. Láti òkè dé ìsàlẹ̀, “Sie” àti “Ihnen” ló fi ń pè wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. Nínú èdè wa, “ẹ̀yin” ń ṣe iṣẹ́ méjì: a fi ń pe ènìyàn púpọ̀, a sì fi ń pe àgbà kan ṣoṣo. Bákan náà ni èdè Faransé rí. Ṣùgbọ́n èdè Jámánì pín iṣẹ́ náà sí ọ̀nà méjì. “Ihr” ni wọ́n fi ń pe ènìyàn púpọ̀ tí wọ́n súnmọ́ wọn, ìyẹn àwọn tí wọn yóò pe ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní “du”, tí í ṣe “ìwọ”. “Sie” ni wọ́n fi ń pe ẹni tí wọn kò súnmọ́, ìbáà ṣe ẹnì kan, ìbáà ṣe ọgọ́rùn-ún. Ọ̀wọ̀ wà nínú “Sie” lóòótọ́, ṣùgbọ́n jíjìnnà wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ wa rò ó ní “ẹ̀yin”, ó gba ojú ọ̀nà Faransé kọjá, ó sì gúnlẹ̀ sí “Sie”. Ibi tó yẹ kó dé ni “ihr”, pẹ̀lú “euch” àti “euer” tó ń bá a rìn.

Nígbà tí mo sọ èyí, ẹ̀gbọ́n mi tó jókòó tì wá kò gbà.

“Ìwọ yìí,” ó ní, “ṣé ìwọ ni yóò kọ́ ọmọ mi láti máa pe àgbà bí ẹni ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀? Ṣé kí wọ́n lè sọ pé a kò kọ́ ọ nílé ni?”

Ọ̀rọ̀ ńlá ni, n kò sì fi ṣeré. Mo bi ọmọ náà léèrè ohun tí ìyá tó gbà á sílé sọ fún un ní alẹ́ àkọ́kọ́. Ó dáhùn pé, “Bàbá, wọ́n ní kí n máa pe àwọn ní ‘du’, kí n sì máa pe àwọn lórúkọ. Ó nira fún mi, ṣùgbọ́n mo ṣe é.”

Ibẹ̀ gan-an ni ìdí ọ̀rọ̀ wà. Láàárín àwọn ará Jámánì, àgbà ló ń fi “du” lọ ọmọdé. Ọmọdé kì í fúnra rẹ̀ mú un. Nígbà tí àgbà bá ti fi lọ̀ ọ́, ẹ̀bùn ni. Mo wá sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé, “Bí àlejò kan bá dé ilé yín, tí ẹ ní kó má pè yín ní Màdáámù mọ́, kó máa pè yín ní Ìyá, tó wá padà sílé rẹ̀ tó kọ ‘Màdáámù’ sí yín, kí ni ẹ óò rò?”

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, “Màá rò pé mo ti ṣẹ̀ ẹ́.”

Ohun tí àwọn ará ilé náà ìbá rò nìyẹn.

Ó ku orúkọ. Ọmọ náà kò fẹ́ fi orúkọ tọkọtaya náà lásán bẹ̀rẹ̀ ìwé níwájú ìyá-ìyá rẹ̀, kò sì pọn dandan. “Liebe Gastfamilie” wà níbẹ̀. “Gast” ni àlejò, nítorí náà ìkíni yìí ń pe wọ́n ní ẹbí àlejò, ẹbí tí àlejò ní. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni “Liebe”, kò sì dárúkọ àgbà kankan.

Lẹ́yìn náà ni a wo ọpẹ́ fúnra rẹ̀. Ó ti kọ pé òun dúpẹ́ fún ohun gbogbo. Lọ́dọ̀ tiwa, a lè dúpẹ́ lónìí, kí a tún jí lọ dúpẹ́ oore àná, láìka oore náà lẹ́sẹẹsẹ. Nínú ìwé kékeré ti Jámánì, ẹ̀ẹ̀kan ni a ń dúpẹ́, nítorí náà ó dára kí a dárúkọ ohun tí a ń dúpẹ́ fún. “Ohun gbogbo” nìkan dà bí ọ̀rọ̀ tí a lè kọ sí ẹnikẹ́ni. Mo ní kó mú ohun mẹ́ta. Ohun tó kọ níkẹyìn nìyí ní èdè wa:

“Ẹbí mi ọ̀wọ́n, mo ti padà délé ní àlàáfíà. Ẹ ṣeun gan-an fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo lò lọ́dọ̀ yín. Ẹ ṣeun fún kẹ̀kẹ́ tí ẹ kọ́ mi láti gùn, fún búrẹ́dì gbígbóná àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, àti fún ẹ̀wù òtútù tí ẹ yá mi. Mo ṣì ń rántí bí a ṣe rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ṣubú sínú koríko. Ilẹ̀kùn wa ṣí sílẹ̀ fún yín ní Àjàṣẹ́. Ìyá-ìyá mi náà kí yín.”

Ó fi “Liebe Grüße” parí rẹ̀, ó kọ “Eure” sábẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà orúkọ rẹ̀. Ọkùnrin ìbá kọ “Euer”. Ohun kékeré kan ṣì wà: lẹ́yìn kọ́mà tó tẹ̀lé ìkíni, lẹ́tà kékeré ni ọ̀rọ̀ tó kàn fi ń bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì, àyàfi tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ tàbí ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ̀ bí “Sie”. Ní ti “euch”, láti ọdún 2006 ni òfin àkọtọ́ wọn ti gbà kí a fi lẹ́tà ńlá tàbí kékeré bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nínú lẹ́tà. Lẹ́tà ńlá ni ọmọ wa yàn. Ó ní ibẹ̀ ni òun fi ìkúnlẹ̀ òun sí.

A kò da ìwé àkọ́kọ́ nù. Bí ó bá jẹ́ olórí ilé-ẹ̀kọ́ tó gbà wọ́n lálejò ló fẹ́ kọ̀wé sí, “Sie” ni ì bá tọ́, àti gbogbo ìkíni rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ óò kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, tí ó bá rú yín lójú, ẹ wo lẹ́tà tàbí iṣẹ́ ìkẹyìn tí olóore yín fi ránṣẹ́ sí yín. Bí ó bá pè yín ní “du”, tí ó sì fi orúkọ àbísọ nìkan parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó ti ṣílẹ̀kùn, ẹ wọlé.