Bọ́tìnnì Tí Kò Lórúkọ

Afọ́jú tó fẹ́ fi fóònù sanwó fún awakọ̀ kórópe ní Ajah máa ń lo TalkBack, ètò orí Android tó ń ka ojú fóònù síta. Bí ìka rẹ̀ bá kan bọ́tìnnì tó jẹ́ àwòrán ọfà lásán, ó ṣeé ṣe kí ohun tí yóò gbọ́ má ju pé bọ́tìnnì kan wà níbẹ̀ tí kò lórúkọ. Ṣé èyí tó ń fi owó ránṣẹ́ ni, àbí èyí tó ń dá ẹni padà sẹ́yìn? Ìlà kan ṣoṣo ni ẹni tó kọ áàpù náà fò:

```
android:contentDescription="Fi owó ránṣẹ́"
```

Àwọn kan á ní TalkBack gba ẹni tó ń lò ó láyè láti sọ bọ́tìnnì lórúkọ fúnra rẹ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ ta ni yóò kọ́kọ́ sọ fún un ohun tí bọ́tìnnì ọ̀hún ń ṣe? Orí fóònù tirẹ̀ nìkan sì ni orúkọ náà ń gbé. Afọ́jú kejì ní Lekki á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Àwọn tó ń kọ áàpù ò sì lè ní àwọn ò mọ̀, nítorí Android Studio fúnra rẹ̀ máa ń fa ìlà ìkìlọ̀ sábẹ́ ImageButton tí kò ní àlàyé yìí. Wọ́n rí i, wọ́n kàn gbójú fò ó ni.