Bàtà 6, oníbàárà 7

Àfi bíi pé wọ́n jọ ṣèpàdé! Bàtà dúdú sáìsì 42 tó kù nínú ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan ní Yábà, l'Ékòó, kò ju 6 lọ láàárọ̀ Sátidé yẹn. Káńtà ta 3, wẹ́bsáìtì ṣọ́ọ̀bù náà ta 2, ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò jọ ń ná ta 2. Ọkọ ìyàwó kan lẹni keje. Ó ti sanwó, ìgbéyàwó ku ọ̀la, bàtà ò sí! Wọ́n dá owó ẹ̀ padà, wọ́n sì jẹ èébú.

Ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní iye tiẹ̀ lọ́tọ̀, 6 sì ni kálukú ń rí. Ti káńtà ló burú jù, alẹ́ ni ọmọ ṣọ́ọ̀bù ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Obìnrin náà bá kó gbogbo ẹ̀ sábẹ́ iye kan ṣoṣo lórí kọ̀ǹpútà. Bí káńtà bá ta nǹkan, lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń yọ ọ́. Èyí tí wọ́n rà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì náà, wọn kì í dúró dìgbà tí wọ́n bá wá gbé e. Bí 6 bá wà lórí pẹpẹ, tí 2 ti lólówó, 4 ló kù. Síbẹ̀, 3 ni wọ́n ń fi han ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì, torí ìṣẹ́jú mélòó kan lè kọjá kí iye tuntun tó débẹ̀.

Lálaalẹ́, ó ń fọwọ́ ara ẹ̀ ka irú bàtà 5. Bí orí pẹpẹ bá dín, ọmọ káńtà ló ń bi. Bó bá lé, á wo àwọn tó ní àwọn ò rà mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹyọ kan lé: ẹni tó fẹ́ rà á ti ní òun ò ṣe mọ́ láti Mọ́ńdè, kò sẹ́ni tó dá a padà sínú iye.