Lẹ́tà Ìwáṣẹ́ Tí Àbúrò Mi Kọ Lẹ́ẹ̀mejì

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ní Odò-Ọwá, màmá wa ń ṣa ẹ̀wà lábẹ́ iná sólà, èmi sì ń múra ìpadàbọ̀ mi sí Ìbàdàn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí àbúrò mi ọkùnrin na fóònù rẹ̀ sí mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka lẹ́tà yìí. Ọjọ́bọ̀ ni wọn ò ní gbà á mọ́."

Ilé-iṣẹ́ kan tó ń rọ ọtí ẹlẹ́rìndòdò sínú ìgò ló ń wá àwọn ọ̀dọ́ tí yóò máa tọ́jú ẹ̀rọ. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ìmọ̀ ẹ̀rọ ni àbúrò mi kọ́ ní yunifásítì, ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ nípa ẹ̀rọ tó ń yí, tó ń gbé nǹkan, tó sì ń gbóná. Ó ti sin ìlú tán gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sì wà lọ́wọ́. Láti bí oṣù mẹ́jọ ló ti wà nílé, tó ń bá bàbá wa lọ sóko iṣu, tó sì ń bá àwọn ará àdúgbò tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Owó tí màmá wa yá nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù láti fi san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọdún tó kẹ́yìn kò tíì tán nílẹ̀. Gbogbo wa mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a kì í sọ ọ́ lójú rẹ̀.

Mo ka lẹ́tà náà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́, bí gbogbo ilé-iṣẹ́ ṣe ń fẹ́. Ó ní òun jẹ́ òṣìṣẹ́ kára, òun lè bá ẹgbẹ́ ṣiṣẹ́, òun sì nífẹ̀ẹ́ láti máa kọ́ ohun tuntun. Ní ìpínrọ̀ kẹta ni mo ti rí i tó ní inú òun yóò dùn láti máa ṣètọ́jú àkáǹtì àwọn oníbàárà wọn. Mo wojú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín ìtìjú: lẹ́tà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa fi wá iṣẹ́ báńkì ni ó yí orúkọ orí rẹ̀ padà.

Èdè Yorùbá ni èmi kọ́ ní tèmi. Mi ò mọ fáàfù yàtọ̀ sí béárìn. Ṣùgbọ́n mo mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ kò bá ní ẹni tó ń sọ ọ́ nínú. Mo ní kó pa fóònù tì, kó fi èdè ilé sọ fún mi, bí ẹni ń sọ fún màmá wa, ẹ̀rọ kan tó bàjẹ́ tí òun fi ọwọ́ ara òun tún ṣe.

Ó kọ́kọ́ ní kò sí. Ó ní ilé-iṣẹ́ omi inú ọ̀rá lásán ni òun ti ṣe áítì ní Òmù-Àrán, pé ta ni yóò ka ìyẹn sí níbi tí ìgò ń sáré bí omi òjò. (Fún ẹni tí kò bá mọ̀: áítì ni ìkọ́ṣẹ́ oṣù 6 tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ lọ ṣe níta ọgbà. Láti 1973 ni ìjọba ti gbé e kalẹ̀, nítorí àwọn agbanisíṣẹ́ ń ráhùn pé ìwé nìkan ni àwọn ọmọ wọ̀nyí mọ̀.) Màmá wa kò gbé ojú sókè nínú ẹ̀wà. Ó ní, "Ṣé kì í ṣe ibẹ̀ lo ti tún ẹ̀rọ tó ń jò ṣe? Ìwọ náà lo sọ fún mi."

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ tó jáde.

Ẹ̀rọ tó ń ṣe omi inú ọ̀rá a máa fa ọ̀rá láti ara róòlù ńlá kan, a sì ká a bí ọ̀pá. Yóò kọ́kọ́ lẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pọ̀. Lẹ́yìn náà, irin gbígbóná kan tó dùbúlẹ̀ yóò tẹ ọ̀rá náà mọ́ rọ́bà kan tó wà ní òdìkejì, yóò lẹ orí èyí tó ti kún àti ìdí èyí tó ń bọ̀, yóò sì gé wọn. Ní ọ̀sẹ̀ keje tí àbúrò mi débẹ̀, omi bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ẹni tó ń darí ẹ̀rọ fi kún ìgbóná. Jíjò náà dínkù fún wákàtí kan, ó tún padà. Ó tún fi kún un. Ọ̀rá bẹ̀rẹ̀ sí í jóná, ó ń lẹ̀ mọ́ irin, síbẹ̀ omi ń jò.

Àbúrò mi ní òun kó àpò 10 jọ, 20 ló wà nínú àpò kan, òun sì tẹ gbogbo 200 náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. 11 ló jò. Ó fi bírò sàmì sí ibi tí omi ti ń jáde lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì tò wọ́n sílẹ̀. Mẹ́sàn-án nínú wọn ló ń jò níbì kan náà, lápá òsì, nǹkan bí ìka méjì sí etí ọ̀rá.

Mo béèrè pé kí ni ìyẹn sọ fún un. Ojú rẹ̀ yí padà nígbà tó ń dáhùn, bí ìgbà tó wà lọ́mọdé tó bá ń tú rédíò bàbá wa. Ó ní, "Bó bá jẹ́ pé ìgbóná ni kò tó, gbogbo ojú ibi tí irin tẹ̀ ni kò ní lẹ̀ dáadáa. Jíjò náà ì bá máa bọ́ síbi tó bá wù ú. Èyí dúró síbì kan. Ohun tó bá dúró síbì kan, nǹkan kan ló wà níbẹ̀."

Ó ní òun pa iná ẹ̀rọ náà, òun yọ fíúùsì rẹ̀ sínú àpò ṣòkòtò òun kí ẹnikẹ́ni má baà tan án nígbà tí ọwọ́ òun wà nínú rẹ̀, òun sì dúró kí irin tutù. Ó fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín irin àti rọ́bà, ó ti irin náà pa, ó sì fa bébà. Ní àárín àti lápá ọ̀tún, bébà kò wá. Lápá òsì, ó yọ̀ jáde wẹ́rẹ́. Rọ́bà ti jẹ níbẹ̀, ó ti ṣe kòtò tí ojú lásán kò tètè rí. Irin kò tẹ ọ̀rá mọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Kò sí bí wọ́n ṣe lè fi kún ìgbóná tó tí yóò dí kòtò náà. Ọ̀gá rẹ̀ ra rọ́bà tuntun, àwọn méjèèjì fi í síbẹ̀, wọ́n sì dá ìgbóná padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ó tún ka 200 mìíràn. 2 ló jò, ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni.

"Níbo lo kọ gbogbo èyí sí?"

"Inú ìwé áítì. Ọ̀gá mi fọwọ́ sí i lọ́sẹ̀ yẹn."

Ìwé náà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ láti ìgbà náà, pẹ̀lú nọ́ńbà 11 àti 2 nínú rẹ̀ àti bébà tó fi dán rọ́bà wò. Ohun kan ṣoṣo tó lè mú kí ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ dúró ka lẹ́tà rẹ̀ wà nílé, ó sì lọ yá ọ̀rọ̀ oníbáńkì.

Mo ṣì fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ omi inú ọ̀rá bá ti ìgò mu. Ó ṣàlàyé pé ẹ̀rọ tó ń rọ ọtí ẹlẹ́rìndòdò sínú ìgò rí rogodo, ó ń yí, fáàfù púpọ̀ sì yí i ká, tí ìgò kọ̀ọ̀kan ń dúró lábẹ́ ti rẹ̀. Ká ní fáàfù 60 ni. Bí ìgò tí kò kún bá ń jáde lẹ́ẹ̀kan nínú 60 láìyẹ̀, fáàfù kan náà ni, ẹ lọ wá nọ́ńbà rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ń jáde ṣákálá, ẹ fi fáàfù sílẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ohun mímu náà kò tutù tó, tàbí pé agbára gáàsì inú ìgò kò dọ́gba, tí ó fi ń hó kó tó kún. Ọgbọ́n rọ́bà náà ni. Àmọ́ ó fi kún un kíá pé inú ìwé ni òun ti kọ́ èyí, òun kò tíì fọwọ́ kan irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ rí.

Ibẹ̀ ni a ti fẹ́ jà díẹ̀. Ó fẹ́ kọ ọ́ pé òun mọ kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí àwọn ẹ̀rọ ìgò lò, nítorí ìkéde náà béèrè rẹ̀, gbogbo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sì ń kọ ọ́. Mo ní bí wọ́n bá gbé ọ síwájú rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní ńkọ́? Ó dákẹ́. Èmi náà mọ̀ pé òótọ́ lè ná an ní iṣẹ́ náà, n kò sì ní ẹ̀jẹ́ kankan láti jẹ́ fún un. Màmá wa ló dá a: ó ní kó kọ ohun tó mọ̀, kó sì kọ ibi tí ìmọ̀ náà pin sí.

Àdírẹ́sì náà tún fa àríyànjiyàn. Ó fẹ́ fi ilé bùrọ̀dá wa ní Ìlọrin síbẹ̀, kí wọ́n má baà rò pé ìgbèríko ti jìnnà jù. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ lórí ìyẹn, torí pé ibẹ̀ ni yóò máa sùn lóòótọ́ bí wọ́n bá pè é. Ṣùgbọ́n Odò-Ọwá ló kọ síwájú ìlú rẹ̀ nínú ìwé ìtàn ara rẹ̀.

Ó sọ lẹ́tà náà ní Yorùbá, mo ń kọ ọ́, kí ó tó fúnra rẹ̀ yí i sí Gẹ̀ẹ́sì lóru. Báyìí ni ó ṣe lọ:

"Ọ̀gá mi, iṣẹ́ ìtọ́jú ẹ̀rọ tí ẹ kéde ni mo ń wá. Mo kàwé gboyè nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ, mo sì ti parí ìsìnlú. Nígbà áítì mi, ẹ̀rọ omi inú ọ̀rá kan ń jò, wọ́n sì ń fi kún ìgbóná rẹ̀. Mo yẹ 200 wò: 11 jò, mẹ́sàn-án nínú wọn síbì kan náà. Mo pa iná, mo yọ fíúùsì, mo fi bébà dán rọ́bà wò, mo sì rí ibi tó ti jẹ. Èmi àti ọ̀gá mi pààrọ̀ rẹ̀. Nínú 200 tó tẹ̀ lé e, 2 ló jò. Ojú ìwé náà nínú ìwé áítì mi, tí ọ̀gá mi fọwọ́ sí, wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Mo ti ka nípa ẹ̀rọ tó ń rọ ohun mímu sínú ìgò àti kọ̀ǹpútà tó ń darí rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì ṣiṣẹ́ lórí wọn. Mo lè ṣiṣẹ́ ọ̀sán tàbí òru, mo sì lè bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan."

Ẹ kíyè sí "èmi àti ọ̀gá mi". "Mo pààrọ̀ rẹ̀" ni ó kọ́kọ́ sọ. Òun fúnra rẹ̀ ló yí i padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Ọjọ́rú ni ó fi ránṣẹ́, lẹ́yìn tó gun ọ̀kadà lọ síbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí wọ́n tó pè é sí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ó ní àwọn mẹ́ta ló jókòó síwájú òun, méjì ń béèrè àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń béèrè. Àgbàlagbà kan tó wọ bàtà ilé-iṣẹ́, tí gíríìsì wà léèékánná rẹ̀, kò sọ nǹkan kan títí ó fi kù díẹ̀ kí wọ́n parí. Ó ṣí ojú ìwé áítì náà, ó sì béèrè pé, "Àwọn méjì tó kù ńkọ́, àwọn tó jò lẹ́yìn tí ẹ ti pààrọ̀ rọ́bà? Kí ló ṣe wọ́n?"

Àbúrò mi ní òun dáhùn pé òun kò mọ̀, pé òun wò wọ́n títí, òun kò rí ohun tó pa wọ́n pọ̀. Bàbá náà kọ nǹkan sílẹ̀.

A ṣì ń retí èsì. Ní alẹ́ àná ó pè mí láti Odò-Ọwá, kì í ṣe nítorí iṣẹ́ náà. Ó ní òun ti ronú kan àwọn méjì yẹn: ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìdọ̀tí tàbí ẹ̀kán omi ló wà lójú ọ̀rá ní àkókò tí irin tẹ̀ ẹ́. Ó béèrè bóyá ó burú bí òun bá kọ lẹ́tà mìíràn láti sọ fún bàbá náà.