Kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́ ilé onílé: ohun tí ogójì adìẹ kọ́ mi

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ojú tì mí díẹ̀ kí n tó lè gbé e síta, ṣùgbọ́n ó lè ran ẹnì kan lọ́wọ́.

Ẹ̀fọ́ ni mo ń gbìn lápá Mọ́níyà, n'Ìbàdàn níbí. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, tí omi odò bá ti fà, iṣẹ́ oko mi máa ń dín kù. Ìgbà yẹn gan-an ni àwọn tó ní adìẹ àti ọgbà lẹ́yìnkùlé máa ń rìnrìn àjò. Wọ́n á wá ẹni tó máa bá wọn wo ilé, tó máa fún adìẹ àti ajá lóúnjẹ, tó máa bomi rin ẹ̀fọ́. Ó ti di ọdún mẹ́rin tí mo ti ń ṣe é. Owó kékeré gidi wà níbẹ̀. Àmọ́ èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe, díẹ̀ ló kù kó bà mí lórúkọ jẹ́.

Ìyá Ìbejì àdúgbò wa ni. Ọmọ wọn obìnrin bímọ ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn àti bàbá sì fẹ́ lọ tọ́jú ọmọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n ní ogójì adìẹ tó ń yé ẹyin, ajá kan, àti ebè ewédú, tẹ̀tẹ̀ àti ata rodo. Wọ́n pè mí, wọ́n ní, "Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, ẹ bá mi bójú tó ilé. Ẹ má ṣèyọnu, a ò ní jà lórí owó." Èmi náà fèsì pé, "Haa, Mà, kí la máa jà sí?" Bó ṣe parí nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò dárúkọ iye kankan. Wọ́n já àpò oúnjẹ mẹ́ta sílẹ̀, wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́, wọ́n lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tí mi ò ṣírò nígbà yẹn. Adìẹ tó ń yé máa ń jẹ tó gíráàmù ọgọ́fà (120) lójúmọ́. Ogójì adìẹ á jẹ bíi kílò márùn-ún. Àpò oúnjẹ kan jẹ́ kílò 25, ìyẹn ni pé àpò kan ò lè kọjá ọjọ́ márùn-ún. Àpò mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni wọ́n ní àwọn máa lò. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni oúnjẹ ti dín, kò sí ẹni tó mọ̀ nínú àwa méjèèjì.

Lọ́jọ́ kẹrìndínlógún, ilẹ̀ àpò ti hàn. Mo pe Ìyá Ìbejì lórí Wáàsáàpù, kò wọlé. Mo kọ̀wé, kò sí èsì, àṣé ìyá ọmọ ti padà sí ọsibítù. Adìẹ ò sì mọ̀ pé onílé wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Tí ebi bá pa adìẹ tó ń yé fún ọjọ́ méjì, ẹyin á já, ó sì lè pẹ́ kó tó padà bọ̀ sípò. Ni mo bá kó ẹyin lọ tà, mo fi owó ẹ̀ ra oúnjẹ. Mi ò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wá di ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Láàárín ẹ̀, adìẹ mẹ́rin kú, ooru pọ̀ lọ́sẹ̀ náà. Mo gbẹ́ ilẹ̀, mo sin wọ́n.

Nígbà tí wọ́n dé, Ìyá Ìbejì kí mi dáadáa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wọ ilé adìẹ lọ, wọ́n kà wọ́n. Wọ́n ní, "Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, mẹ́rìndínlógójì ni mo rí." Mo ṣàlàyé. Wọ́n ní, "Ẹyin ọ̀sẹ̀ márùn-ún ńkọ́?" Mo ṣàlàyé. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mo ń gbọ́ ọ létí ara mi bíi ti olè. Kò sí fọ́tò, kò sí ìwé, kò sí risíìtì. Wọn ò pè mí lólè o, ṣùgbọ́n wọ́n dákẹ́, wọ́n ka ₦20,000 lé mi lọ́wọ́. Nígbà tó yá, mo gbọ́ lọ́jà pé "Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ fi adìẹ onílé se ọbẹ̀ Kérésì." Ẹni tó ń ta ẹ̀fọ́ fún aráàlú, orúkọ ló fi ń tà á.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo jókòó, mo bi ara mi pé níbo ni mo ti ṣìṣe. Mo rí i pé kì í ṣe ìwà burúkú ẹnikẹ́ni ló fa ọ̀rọ̀ náà. A da oríṣi owó mẹ́ta pọ̀ ni: owó iṣẹ́ mi, owó tí ilé fi ń jẹun, àti owó ohun tí ilé ń mú jáde, bí ẹyin àti ẹ̀fọ́. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wà nínú àpò kan, olóòótọ́ àti olè á jọ ara wọn. Látìgbà náà, mi ò gba kọ́kọ́rọ́ ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé a ti kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ilé kan tí mo wò lẹ́yìn náà ṣe àpẹẹrẹ. Tọkọtaya kan tí wọ́n ń lọ kí àwọn ọmọ wọn ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ni ín. Wọ́n ní adìẹ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ajá kan àti ọgbà ẹ̀fọ́. Ọjọ́ mọ́kànlélógún náà ni wọ́n dá.

Àkọ́kọ́, mo lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó lọ. Nítorí ajá ni. Mo fẹ́ kó mọ òórùn mi, kó jẹun lọ́wọ́ mi lójú olówó rẹ̀. Mo tún ní kí wọ́n fi káàdì abẹ́rẹ́ dìgbòlugi rẹ̀ hàn mí. Ẹ má tijú béèrè eléyìí. Tí ajá bá gé yín jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ sì lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà, bí ajá náà bá tiẹ̀ ní káàdì. Ta ló máa sanwó ọsibítù? A kọ ọ́ pé onílé ni.

Èkejì, oúnjẹ. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n adìẹ, kílò mẹ́ta lójúmọ́. Ọjọ́ mọ́kànlélógún á jẹ́ kílò 63. Mo ní kí wọ́n fi oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan kún un, torí àjò kì í sábà pé lọ́jọ́ tí a dá. Ó di kílò 84, wọ́n ra àpò mẹ́rin. Wọ́n tún fi ₦20,000 sílẹ̀ fún iná, epo jẹnẹrétọ̀ àti oògùn. Ẹ má fojú kéré owó iná o. Iná ló ń fa omi láti inú kànga. Tí owó mítà bá tán, adìẹ ò ní romi mu, àìrí omi sì tètè ń pa wọ́n ju ebi lọ nínú ooru. Mo ya fọ́tò mítà lọ́jọ́ tí wọ́n lọ.

Ẹ̀kẹta, owó iṣẹ́. ₦3,000 lójúmọ́ ni a sọ, ó jẹ́ ₦63,000. Ìdajì, ₦31,500, wọ inú àkáǹtì mi kí wọ́n tó wọ bàálù. Ìdajì yòókù di ọjọ́ tí wọ́n bá dé. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá lé, ₦3,500.

Ẹ̀kẹrin, ohun tí ilé bá mú jáde. Ẹyin ọjọ́ Sunday jẹ́ tèmi. Ẹyin ọjọ́ yòókù, mo máa tà á fún oníṣọ́ọ̀bù kan tí onílé fúnra wọn mú mi mọ̀, owó ẹ̀ á sì lọ tààrà sí àkáǹtì wọn. Ẹ̀fọ́ tó bá tó já, kí n já a, torí tẹ̀tẹ̀ tí a ò bá já á yọ òdòdó, ewé ẹ̀ á sì le. Ìdajì jẹ́ tèmi, ìdajì jẹ́ ti ìyá onílé tó wà ní ojúlé kejì.

Ẹ̀karùn-ún, tí nǹkan bá kú. Mo máa ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó kú sí, mo máa fi ránṣẹ́ kí n tó sin ín. Tó bá jẹ́ àìsàn tàbí ooru, àdánù onílé ni. Tó bá jẹ́ pé mo gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn tí ológbò fi wọlé, àdánù mi ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, a jọ ka adìẹ, a jọ wo inú ilé, àwa méjèèjì fọwọ́ sí ìwé náà.

Alaalẹ́ ni mo ń fi fídíò kékeré ránṣẹ́: adìẹ, ajá, ilẹ̀kùn. Mo ní ìwé kékeré kan tí mo ń kọ iye ẹyin sí. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan wá, ó ní àwọn onílé ló rán òun wá gbé jẹnẹrétọ̀ lọ tún ṣe. Ó mọ orúkọ wọn dáadáa. Mi ò ṣílẹ̀kùn, mo ní kó jẹ́ ká pè wọ́n kí wọ́n rí ojú ẹ̀ lórí fóònù. Kí n tó tẹ nọ́ńbà tán, ó ti lọ.

Wọ́n fi ọjọ́ mẹ́rin lé. Wọ́n ti sọ fún mi ṣáájú, kò sí wàhálà. Nígbà tí wọ́n dé, a jókòó lórí àga nínú ọgbà, mo ṣí ìwé. Ẹyin 496: ti Sunday 79, èyí tó fọ́ 9, èyí tí a tà 408, ìyẹn kíréètì mẹ́tàlá àti ẹyin méjìdínlógún. Adìẹ kan kú lọ́jọ́ kẹsàn-án, fọ́tò ẹ̀ wà níbẹ̀. Oúnjẹ, àpò mẹ́ta tán, ìkẹrin ò tíì ṣí. Nínú ₦20,000, mo ná ₦13,400, mo fi risíìtì àti ṣéńjì ₦6,600 lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n san ₦31,500 tó kù pẹ̀lú ₦14,000 ọjọ́ mẹ́rin, gbogbo ẹ̀ ₦45,500. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí a fi parí ẹ̀, a sì ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún tó kọjá, Ìyá Ìbejì pè mí. Wọ́n tún fẹ́ rìnrìn àjò. Mo gbé ìwé mi lọ. Wọ́n kà á, wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ká ní a ti ṣe báyìí nígbà yẹn ni." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Èmi náà jẹ̀bi." Wọ́n mú báírò, wọ́n fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ni a jọ wọ ilé adìẹ lọ, a sì bẹ̀rẹ̀ sí kà: ení, èjì, ẹ̀ta.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, tàbí tí ẹ ti fi ilé sílẹ̀ fún ẹlòmíì, báwo lẹ ṣe ń ṣe ti ẹyin àti èyí tó bá kú? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, ká jọ kọ́ ọgbọ́n.