Ojú ló kọ́kọ́ ń dáhùn

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa ojú kàtúùnù lónìí. Kì í ṣe ẹnu o, ẹnu rọrùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń béèrè bí ọmọbìnrin inú fídíò mi ṣe máa ń jọ ẹni tó ń ronú kó tó sọ̀rọ̀, ẹ fìdí mọ́lẹ̀. Ìran kan péré ni mo fẹ́ tú palẹ̀.

Màmá ṣí ìkòkò ọbẹ̀, ẹran ti dín. Ó ní, "Ta ló jẹ ẹran inú ọbẹ̀ yìí?" Àbúrò ọmọbìnrin náà ló jẹ ẹ́, ó sì wà lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mọ̀. Ẹ̀gbọ́n wá dáhùn pé, "Èmi ni, mà." Ó tán. Tí ojú rẹ̀ ò bá ṣiṣẹ́, olè ẹran ni gbogbo yín máa pè é. Tí ojú bá ṣiṣẹ́, ẹ ó mọ̀ pé àbúrò ló ń bò láṣìírí, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ fún yín.

Fúréèmù 24 ni mo ń lò fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìbéèrè Màmá parí ní fúréèmù 20. Láti ibẹ̀ dé 26, mi ò jẹ́ kí nǹkan kan yí padà lójú ọmọ náà. Ọ̀rọ̀ ṣì ń wọ etí rẹ̀ ni.

Ní 26, ẹyin ojú rẹ̀ fò sẹ́nu ọ̀nà. Fúréèmù méjì ló fi dé ibẹ̀, kò gbọdọ̀ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Orí ò yí rárá, torí tó bá yí orí, Màmá náà á wo ibi tó ń wò, àṣírí ti tú nìyẹn. Ó tẹjú mọ́ àbúrò rẹ̀ fún fúréèmù mẹ́wàá.

Ní 38, ó ṣẹ́jú. Fúréèmù mẹ́ta ni ìpéǹpéjú fi bọ́ sílẹ̀, ó wà ní dídé fún méjì, ó wá fi mẹ́rin là. Ṣíṣí máa ń pẹ́ ju pípadé lọ. Abẹ́ ìpéǹpéjú tó padé yẹn ni mo ti gbé ẹyin ojú kúrò lára àbúrò, tó fi jẹ́ pé nígbà tó là á, ilẹ̀ ló ń wò. Ìpinnu ti wáyé nínú òkùnkùn.

Walter Murch, ẹni tó ń gé fíìmù, ṣàkíyèsí nǹkan tó jọ èyí nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lórí fíìmù kan tí Gene Hackman ṣe, tó jáde ní 1974. Ibi tó bá ti fẹ́ gé àwòrán, ìtòsí ibẹ̀ gan-an ni Hackman ti máa ń ṣẹ́jú. Ó ní ibi tí èrò kan ti parí lèèyàn ti máa ń ṣẹ́jú. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi jẹ́ kí ọmọ yìí ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kejì. Èrò kan ló parí. Kàtúùnù tó ń ṣẹ́jú déédéé bí iná tíráfíìkì ò ronú nǹkan kan, ó kàn ń tàn, ó ń kú ni.

Kí ojú tó là tán, ní 45, irun òkè ojú ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ìdí rẹ̀ tó sún mọ́ imú nìkan. Ó gba fúréèmù márùn-ún. Mo jẹ́ kí tòsì fi fúréèmù kan ṣáájú tọ̀tún, torí tí méjèèjì bá gbéra pọ̀, ó máa ń jọ ohun tí wọ́n fi okùn kan fà. Lẹ́yìn náà ó dúró. Ní 58 ni ẹnu ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Gbogbo ìrònú yẹn ò ju ìṣẹ́jú àáyá kan ààbọ̀ àti díẹ̀ lọ.

Ẹ ó ṣe wá ní kó wo ilẹ̀? Àwọn tó ń kọ́ni lórí íńtánẹ́ẹ̀tì máa ń ní kí ẹni tó ń ronú wo òkè. Ẹ dán an wò níwájú ìyá tiyín ná. Mo ṣe oríṣi méjèèjì, mo sì fi han màmá àgbà kan ládùúgbò wa níbí ní Okeluse, láìtan ohùn sí i. Nígbà tó rí èyí tó wo òkè, ó ní, "Kí lọmọ yìí ń wá lájà?" Nígbà tó rí èyí tó wo ilẹ̀, ó ní, "Kì í ṣe òun ló jẹ nǹkan yẹn." Mi ò tíì sọ fún un pé ẹnikẹ́ni jẹ nǹkan o.

Ohun tó sábà máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ni pé Blender fúnra rẹ̀ máa ń mú kí gbogbo ìrìn rọra bẹ̀rẹ̀, kó sì rọra parí. Ó dára fún ọwọ́. Tí ẹ bá jìnnà sí i láàárín ibi tí ojú ti gbéra àti ibi tó ń lọ, ojú á máa yọ́ lọ bí ojú ẹni tó mu ògógóró yó. Ẹ yan ibi méjèèjì, ẹ tẹ `T`, ẹ mú `Linear`, kẹ́ ẹ sì rí i pé fúréèmù méjì péré ló wà láàárín wọn. Ìkejì ni ojú tó kàn ń fò kiri kó lè jọ pé ẹ̀mí wà níbẹ̀. Gbogbo ibi tí ojú bá fò sí, kí nǹkan wà níbẹ̀ tó ń wò. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti jẹ́, ẹ pa ohùn, ẹ fi àtàǹpàkò bo ẹnu ọmọ náà lójú fóònù, ẹ wá bi ẹlòmíì léèrè ohun tó ń rò.

Àbúrò ńkọ́? Kò ṣẹ́jú rárá. Ó ń jẹnu wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́nu ọ̀nà títí ẹ̀gbọ́n fi ní "Èmi ni." Ẹnu rẹ̀ dúró ní fúréèmù 64, ẹran ṣì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀.